Ọlidé Tí Baba Gásẹ́ẹ̀tì Kéde Lójúlé Mẹ́jọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀: ọkọ mi máa ń jà. Ẹni tó bá sọ pé kì í jà, kò mọ̀ ọ́n ni. Ó ti fi orí kan ẹnì kan nímú rí nítorí pé onítọ̀hún tẹ kàlẹ́ńdà tó ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú oṣù tí kò ní ju ọgbọ̀n lọ. Ó ti ju àga lu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí déètì tó ṣì kọ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi to lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìkéde ìjọba tí wọ́n ń pè ní gásẹ́ẹ̀tì, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Baba Gásẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ gé ìka rẹ̀ méjì, ọwọ́ kejì ló fi lu ẹni tó tan ẹ̀rọ náà kó tó gbà kí wọ́n gbé òun lọ sí ọsibítù.

Èmi náà kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Mo ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, ẹni tó bá sì ti ń fi omi gbígbóná fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn fún ogún ọdún, ẹnu rẹ̀ kò ní rọ̀ mọ́. Bí ọkọ mi bá ń fi orí jà, ẹnu ni èmi fi ń jà. Àwọn aládùúgbò máa ń sọ pé àwa méjèèjì la mọ bí a ṣe ń gbé ara wa. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nínú ọgbọ̀n ọdún tí a fi jẹ́ tọkọtaya, kò gbé ọwọ́ sókè sí mi rí, àfi ọjọ́ Ẹtì tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí.

Ilé tí à ń gbé, yàrá mẹ́jọ ló ní, mẹ́rin dojú kọ mẹ́rin, àgbàlá wà láàárín. Ògiri rẹ̀ ga, wọ́n ri àfọ́kù ìgò mọ́ ọn lórí, géètì onírin kan ṣoṣo sì ni àbáwọlé àti àbájáde. Onílé àtijọ́ fẹ́ràn wa. Kó tó kú, ó bá gbogbo wa kọ ìwé pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lé wa fún ọdún mẹ́wàá, ó sì kù bí ọdún mẹ́rin kí ọdún náà pé. Ọmọ rẹ̀ ni kò gbà. Ó fẹ́ wó ilé náà kó ta ilẹ̀ rẹ̀. Ó gbé wa lọ sí kóòtù pé kò sí ìwé kankan láàárín àwa àti bàbá òun, pé kí wọ́n bá òun kó wa jáde.

A kò ní lọ́yà. Ọkọ mi ni gbogbo ilé ní kó máa bá wọn sọ̀rọ̀, torí ó mọ ìwé, òun ló sì ń tọ́jú ojúlówó ìwé àdéhùn náà sínú fáìlì aláwọ̀ ewé kan lábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, adájọ́ wò wá, ó ní, "Ẹ mú ojúlówó ìwé yín wá ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Bí ẹ kò bá wá, ohun tí olùpẹ̀jọ́ bá sọ ni màá fi dájọ́." Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ nínú wa. Bí a bá wà níbẹ̀, a nílé lórí. Bí a kò bá wà níbẹ̀, wọ́n á da ẹrù wa síta.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n kéde pé olórí orílẹ̀-èdè kan tẹ́lẹ̀ ti kú. Kíá, gbogbo ẹnu ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìjọba máa fún wa ní ọlidé. Ẹ mọ̀ wá, bí ẹni ńlá bá kú, ìsinmi là ń wò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá, kò sí nǹkan. Ọjọ́rú kọjá. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Télọ̀, tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa, wọlé pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́, eyín rẹ̀ wà níta.

"Baba Gásẹ́ẹ̀tì, ẹ wá wò ó. Ọ̀la, ọlidé ni."

Fọ́tò lẹ́tà kan ni. Ẹnì kan tí Télọ̀ kò mọ ló fi ránṣẹ́ sí ojú ìwé tí àwọn ayálégbé ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọkọ mi mú awò ojú rẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń yẹ ẹja wò lọ́wọ́ alájàpá. Ó wo òǹtẹ̀. Ó wo ìbùwọ́lù akọ̀wé àgbà ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé, torí ibẹ̀ ni irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ti máa ń jáde. Ó ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sókè: pé láti fi bu ọlá fún àgbà orílẹ̀-èdè tó di olóògbé, ìjọba ti ya ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù, sọ́tọ̀ fún ìsinmi jákèjádò orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ sí ibi kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó fi ìka ọwọ́ òsì tó ṣẹ́kù tọ́ ọ.

"Ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ọjọ́ Ẹtì. Ó bára mu. Àwọn onírọ́ kì í wo kàlẹ́ńdà, ibẹ̀ la ti máa ń mú wọn. Òótọ́ ni èyí."

Mo bọ́ sídìí fóònù náà. Wọ́n ti gé òkè lẹ́tà náà kúrò nínú fọ́tò. Nọ́ńbà ìwé kò sí níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ kò sí, orúkọ olóògbé kò sì hàn.

Mo ní, "Ọdún wo ni wọ́n kọ ọ́? Ẹ̀yin ò rí i pé orí rẹ̀ ti lọ?"

"Ẹni tó yà á kò mọ fọ́tò yà ni."

"Rédíò ńkọ́? Ṣé rédíò sọ ọ́?"

"Ìyàwó, gásẹ́ẹ̀tì gan-an máa ń jáde lẹ́yìn tí ọlidé bá ti kọjá nígbà mìíràn. Èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ ni mo ń sọ ọ́."

"N ò béèrè gásẹ́ẹ̀tì. Rédíò ni mo béèrè."

Ó bá pariwo mọ́ mi. Ó ní ṣé aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ tí mò ń fọ̀ ló kọ́ mi ní ìwé ìjọba ni. Ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà dún létí òun bí ọ̀rọ̀ tí òun ti mọ̀, pé báyìí gan-an ni wọ́n máa ń kọ ọ́, pé kò sí onírọ́ tó lè kọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo dákẹ́. Èmi tí n kì í dákẹ́, mo dákẹ́, torí ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ọdún mẹ́ta. Inú ṣì ń bí mi sí ara mi títí di òní.

Ó jáde, ó kan ilẹ̀kùn ojúlé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọlidé ni lọ́la o. Bí ọlidé bá wà, kóòtù kì í jókòó. Wọ́n á fún wa lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ lọ sinmi." Torí pé òun ló sọ ọ́, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojúlé márùn-ún ti di ẹrù, wọ́n ti gba ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí wọn lọ. Ó ku àwa, Télọ̀, àti Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo jáde lọ da omi ìdọ̀tí nù ní nǹkan bí aago méje ku ogún ìṣẹ́jú. Àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá lọ pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù àti báàgì lẹ́yìn. Mo dúró pẹ̀lú báṣìnì lọ́wọ́. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé, "Ṣé ẹ ò gbọ́ pé ọlidé ni?" Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ó ní ìdánwò làwọn ń lọ ṣe.

Mo sáré wọlé, mo tan rédíò kékeré tó wà lórí fèrèsé, mo sì fi etí mọ́ ọn. Aago méje ni ìròyìn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ ìsìnkú olóògbé náà. Wọ́n ní ìjọba pàṣẹ kí wọ́n fa àsíá wálẹ̀ dé ìdajì òpó fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ epo ni, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù. Wọn ò dárúkọ ọlidé. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: bí ìjọba bá ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè má lọ síbi iṣẹ́ lónìí, ṣé ó máa jẹ́ ohun tí rédíò ìjọba fúnra rẹ̀ kò ní mọ̀? Wọn kì í fi ọlidé pamọ́.

Nọ́ọ̀sì ti jí, ó ń gé èékánná lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo ní, "Àbúrò, fóònù rẹ lè wo ojú ìwé ilé iṣẹ́ ìjọba náà gan-an? Kì í ṣe fọ́tò tí ẹnì kan fi ránṣẹ́. Ojú ìwé tiwọn."

"Ó lè wò ó, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i."

Ó ṣí i. Ìkéde tuntun jù lọ níbẹ̀ ni ti àsíá. A yí i sísàlẹ̀, a ń lọ, a ń lọ, kò sí ọlidé kankan. Nígbà náà ló tẹ ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan. Ó sì yọjú. Lẹ́tà kan náà, òǹtẹ̀ kan náà, ìbùwọ́lù kan náà, ṣùgbọ́n lódindi, pẹ̀lú orí rẹ̀. Ọdún kẹfà sẹ́yìn ni wọ́n ti kọ ọ́, fún olóògbé mìíràn. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì lọ́dún yẹn, ó sì tún bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì lọ́dún yìí. Ẹni tó gé orí rẹ̀ kò ṣe é láìmọ̀. Ó wá ọdún tí ọjọ́ rẹ̀ bára mu.

Nọ́ọ̀sì ní, "Àbí ti ìpínlẹ̀ nìkan ni? Gómìnà lè fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní ìsinmi láìjẹ́ pé ti gbogbo orílẹ̀-èdè ni." Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ó ṣí ojú ìwé ìjọba ìpínlẹ̀, ibẹ̀ náà gbẹ. Mo ní kò tíì tán. Ìwé ìpẹ̀jọ́ wa wà lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. A pè é ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Obìnrin kan ló gbé e.

"Màmá, a ń jókòó lónìí. Bí ọlidé bá wà, à bá ti lẹ ìwé mọ́ ojú ilẹ̀kùn. Ẹjọ́ yín ló ṣe ìkẹrin. Ẹ tètè máa bọ̀, torí olùpẹ̀jọ́ yín ti dé láti àárọ̀."

Mo wọ yàrá wa. Ọkọ mi ṣì ń sùn, ó na ẹsẹ̀ bí ọba. Mo fa aṣọ lára rẹ̀.

"Ẹ dìde. Kò sí ọlidé. Irọ́ ni ìwé yẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rédíò, ilé iṣẹ́ ìjọba, àti akọ̀wé kóòtù. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù."

Ó jókòó, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kí n má fi àárọ̀ kùtù bú òun. Mo ní ìwé tó gbójú lé ló bú u. Mo ní ó ti fi agídí ta ilé mọ́ wa lórí. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó ti gbá mi létí. Mo rí ìràwọ̀. Ọgbọ̀n ọdún, ìgbà àkọ́kọ́. N ò sunkún. Mo nawọ́ gbé rédíò orí fèrèsé, mo sì fọ́ ọ mọ́ ọn lórí. Pàǹtí rédíò tú ká orí ìbùsùn, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lẹ́yìn etí rẹ̀. Ó dìde sí mi, mo sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ de ohun tó bá fẹ́ ṣe. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ló já wọ àárín wa. Ó gbé fóònù síwájú ojú ọkọ mi, lẹ́tà náà lódindi.

Ó wò ó. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló jókòó padà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sí i léjìká.

"Èmi ni mo to ìwé yìí. Ọdún méjì ṣáájú kí n fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ mi ni mo fi tò ó fún gásẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tó fi dún létí mi."

Ó yẹ kí n ṣàánú rẹ̀. Àánú kọ́ ló wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Ìwọ àti ìwé rẹ, kí ẹ jọ jẹrà." Ìwọ ni mo pè é, èmi tí n kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ó fa fáìlì yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó wọ ṣòkòtò, ó ní ká lọ.

Nígbà tí a dé géètì, aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti kọjá díẹ̀. Ṣéènì ti wà lára géètì, pẹ̀lú àgádágodo, a kò sì mọ ìgbà tí àwọn tó fi í síbẹ̀ wọlé. Àwọn géńdé mẹ́ta ló dúró síwájú rẹ̀ nínú ọgbà wa. Ọ̀kan ga fíofío, ọ̀kan sanra, ọ̀kan kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ọ̀pá irin wà lọ́wọ́ èyí tó ga.

Ó ní, "Ọlidé ni, Bàbá. Ẹ padà lọ sùn. Ọmọ Onílé ló ní ká wá bá yín ṣọ́ ilé."

Gbogbo rẹ̀ wá yé mi. Ẹni tó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ mọ̀ pé bí àwa bá ṣe àìwá, adájọ́ á dájọ́, ó sì tún fi àwọn wọ̀nyí ṣọ́ ọ̀nà bóyá ẹnì kan á jí nínú wa.

Ọkọ mi na fáìlì náà sí mi. Mo wé e mọ́ inú ìró mi, mo so ó le. Ó sọ sí mi létí, ohùn rẹ̀ tutù, "Èmi ni mo ní kí wọ́n máa lọ sílé. Bí ojúlé mẹ́jọ bá wà níbí lónìí, àwọn mẹ́ta yìí á ti sá. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò èyí tó ga, mo ń rí okùn rẹ̀. Bí géètì bá ṣí, máa lọ. Má wẹ̀yìn."

Kó tó di pé mo dáhùn, ó ti fi orí kan èyí tó ga nímú. Mo gbọ́ bí egungun ṣe fọ́. Géńdé náà ṣubú lulẹ̀, ọ̀pá irin rẹ̀ dún gbọngan lórí sìmẹ́ǹtì, ọkọ mi sì gùn ún, ó ń fi ìkúùkù gún un lójú. Èyí tó sanra fà á láṣọ lẹ́yìn, ó ń ta á nípàá ní ìhà. Télọ̀ ti gbọ́ ariwo, ó jáde pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ, ó sì fi gbá a lẹ́yìn ọrùn. Èyí tó sanra bú ramúramù. Ó yíjú sí Télọ̀, ó gbá a lẹ́nu, eyín méjì jáde, Télọ̀ sì wó lé garawa omi.

Mo ti kúnlẹ̀ sídìí èyí tó ga, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lápò. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni èyí tó kéré jù di irun mi mú, ó wọ́ mi sẹ́yìn. Mo bu ọwọ́ rẹ̀ jẹ. Mo bù ú jẹ títí eyín mi fi kan nǹkan líle, mi ò sì tú u sílẹ̀ títí ó fi pariwo bí ọmọ ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kún ẹnu mi. Mo tutọ́ rẹ̀ síta, mo ṣí àgádágodo, mo já ṣéènì sílẹ̀.

Ọkọ mi ní kí n má wẹ̀yìn. Mo wẹ̀yìn. Èyí tó sanra ti mú ọ̀pá irin náà nílẹ̀. Ọkọ mi ti dìde, ó dúró sáàárín géètì, ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó dí gbogbo ẹnu ọ̀nà pa. Èyí tó sanra fẹ́ kọjá lé mi. Kò jẹ́ kó kọjá. Ọ̀pá náà lọ sókè, ó sì sọ̀kalẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo sáré.

Alùpùpù kan ló gbé mi. Ẹni tó wà á rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu mi, ó sì sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí mo wọ kóòtù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ẹjọ́ kẹrin. Ọmọ Onílé dúró nínú súùtù dúdú àti táì, ó ń sọ fún adájọ́ pé ó hàn gbangba pé àwọn ayálégbé kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.

Mo ní, "A ní."

Gbogbo ojú yí sí mi. Irun mi dúró, etí mi kan wú, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí mo bù jẹ ti gbẹ sí mi lágbọ̀n. Ojú Ọmọ Onílé funfun bí ẹfun. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bi mí pé kí ló ṣe mí. Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti lẹ́tà tí wọ́n gé lórí, ti ṣéènì ara géètì, ti àwọn mẹ́ta. Mo tú ìró mi níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, mo yọ fáìlì, mo fi ojúlówó ìwé lélẹ̀ lórí tábìlì akọ̀wé. Ìbùwọ́lù bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ gedegbe. Ọmọ Onílé ní ayédèrú ni. Adájọ́ ní òun á yẹ ìwé náà wò, pé títí òun á fi ṣèdájọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹrù wa. Ó sì pàṣẹ kí ọlọ́pàá méjì bá mi padà sílé lójú ẹsẹ̀.

Àwọn mẹ́ta náà ti sá kí a tó dé. Ọmọ ogún ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ mú, ọwọ́ rẹ̀ tí mo jẹ ló tú u fó nígbà tó lọ wá ibi tí wọ́n á ti wẹ̀ ẹ́ fún un, òun ló sì jẹ́wọ́ pé Ọmọ Onílé ló rán wọn, pé òun náà ló gé orí lẹ́tà.

Ọkọ mi wà nílẹ̀ ní ẹnu géètì. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ tì í, ó fi aṣọ mẹ́ta tẹ orí rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti rin. Télọ̀ jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ó di ẹnu rẹ̀ mú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Baba. Ọkọ mi. Baba àwọn ọmọ. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò rí mi. Nọ́ọ̀sì ní ó dúró sí ẹnu ọ̀nà náà títí kò fi lè dúró mọ́, pé wọ́n lù ú ní ìgbà mẹ́rin kó tó wó, pé kò sí ẹni tó kọjá lára rẹ̀.

Ọjọ́ méjì ló lò ní ọsibítù. Mo jókòó tì í. Mo sọ fún un pé mo débẹ̀, pé ìwé ti wà lọ́wọ́ adájọ́. Mo sọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, mo ń sọ ọ́ sí i létí tí kò wú. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Mo ní àwa méjèèjì la jọ jẹ̀bi, torí mo rí i pé wọ́n ti gé orí ìwé náà, mo sì lọ sùn. Bóyá ó gbọ́, bóyá kò gbọ́, Ọlọ́run ló mọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló kú. "Kí ẹ jọ jẹrà" ni ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn nígbà tó lè gbọ́ mi.

Ó pé oṣù mẹ́ta kí adájọ́ tó dá ẹjọ́. Ó ní ojúlówó ni ìwé náà, pé a ní ẹ̀tọ́ láti gbé ilé náà títí ọdún mẹ́wàá á fi pé. Ojúlé méjèèje yòókù jó nínú àgbàlá. Àwọn tó ti lọ sọ́dọ̀ ẹbí wọn lọ́jọ́ yẹn ló pariwo jù, wọ́n ń yọ̀ mọ́ mi, wọ́n ń pè mí ní akọni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi níta, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo ń bá sọ ọ́. Bí ẹnì kan bá ti sọ fún mi ohun tí ilé yìí máa gbà lọ́wọ́ mi, n bá ti kó ẹrù mi síta fúnra mi láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, n bá sì jẹ́ kó sùn dáadáa.